HP, Dell tàbí ThinkPad? Bí A Ṣe Ra Láptọ́ọ̀pù fún Ọmọ Ìgàndò Tó Wọ LASU

Gbogbo ìgbà tí orúkọ àwọn tó wọlé sí yunifásítì bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi àwa tí a ti wà níbẹ̀ ṣáájú: "Láptọ́ọ̀pù wo ni kí n rà?" Ìdáhùn tí mo sì máa ń gbọ́ kì í ju orúkọ lọ. Ẹnì kan á ní HP ni. Ẹlòmíràn á ní Dell ló lágbára jù. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ á ní Apple ni kí èèyàn rà kó lè sinmi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá kàn mí gan-an, orúkọ nìkan kò ràn mí lọ́wọ́. Bàbá mi kó 350,000 náírà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ bá àbúrò mi ra èyí tó máa bá a dé ọdún kẹrin, nítorí pé kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgàndò là ń gbé. LASU ni àbúrò mi wọ̀, ìmọ̀ ìtàn ló fẹ́ kà. Ìyẹn ni pé àárọ̀ kùtù ni yóò máa wọ ọkọ̀ lójú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrì, tí yóò sì máa délé ní ìrọ̀lẹ́. Láàárín ìgbà yẹn, ìwọ̀nba ni ihò iná tó lè rí nínú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó tètè dé ti jókòó tì wọ́n. Tó bá délé, nẹ́pà lè wà, ó sì lè má sí. Iṣẹ́ tó máa fi kọ̀ǹpútà náà ṣe kò sì wúwo: ìwé kíkọ, ìwé kíkà, fídíò díẹ̀. Àwa tí à ń ka Yorùbá náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi pé tiwa tún ní àmì ohùn nínú. Nítorí náà, mi ò da ara mi láàmú lórí bó ṣe yára tó. Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Àkọ́kọ́, wákàtí mélòó ló máa lò láìsí iná? Èkejì, tí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ta ni yóò tún un ṣe ní Ìkọ̀tún, níbo ni yóò sì ti rí ẹ̀yà ara tó máa fi pààrọ̀?

Tuntun tí 350,000 náírà lè rà kò wù mí. Àwọn tí mo rí jẹ́ àwọn kékeré tí wọ́n lẹ ráàmù àti ibi ìpamọ́ wọn mọ́ bọ́ọ̀dù pátápátá. Èyí tó bá wá sílé pẹ̀lú ráàmù 4 yóò kú pẹ̀lú ráàmù 4. Nítorí náà, tòkunbọ̀ ni a gbájú mọ́, àwọn tí ilé iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun ti lò kí wọ́n tó kó wọn wá síbí. Mẹ́ta ló wà nínú ọkàn mi: HP EliteBook 840 G5, Dell Latitude 7490, àti Lenovo ThinkPad T480. Ọdún 2018 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ní ihò ráàmù méjì tí èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀, ibi ìpamọ́ wọn náà sì ṣeé yọ. Ẹ má lọ ra èyí tó dàgbà jù wọ́n lọ nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ọpọlọ Intel wọn bá kéré sí ìran kẹjọ. Ẹ ó rí i nínú nọ́ńbà rẹ̀: i5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-7300U jẹ́ ìkeje. Ẹ wò ó dáadáa o, torí pé wọ́n ta T480 kan náà pẹ̀lú méjèèjì, ara wọn kò sì fi ìyàtọ̀ hàn. Àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde fún wa, ìran keje ni. A dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bátìrì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ojú èèyàn gbolẹ̀ jù. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, yóò ní "wákàtí mẹ́fà ni, àǹtí." Gbogbo wọn ló máa ń jẹ́ wákàtí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n lára bátìrì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tẹ nọ́ńbà kan sí tó parí pẹ̀lú Wh, èyíinì ni wáàtì-wákàtí. Ẹ fi bátìrì wé kẹ́ẹ̀gì omi. Nọ́ńbà yìí ni bí kẹ́ẹ̀gì náà ṣe tóbi tó. Wáàtì tí kọ̀ǹpútà ń jẹ ni bí ẹ ṣe ń yára bu omi nínú rẹ̀. Mo ti fi tèmi wọ̀n ọ́n nílé: bátìrì tó ń gba 40 gbé mi fún wákàtí márùn-ún nígbà tí mò ń kọ̀wé tí mo dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, ìyẹn ni pé wáàtì 8 ló ń jẹ. Fídíò máa ń jẹ tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n wà ní tuntun, bátìrì 840 G5 ń gba bí 50, ti Latitude 7490 tí a rí ń gba 60, ti T480 sì jẹ́ méjì: ọ̀kan tó ń gba 24 wà nínú ikùn rẹ̀, èkejì wà lẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ 24, 48 tàbí 72.

Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ kì í ṣe tuntun, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ti ń fún. Ọpẹ́ ni pé Windows fúnra rẹ̀ ń ṣírò bó ti fún tó, kò sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ `cmd`, ẹ tẹ `Enter`, kí ẹ wá kọ èyí:

```
powercfg /batteryreport
```

Yóò sọ ibi tó kó ìwé náà pamọ́ sí, fáìlì tó ń jẹ́ `battery-report.html`. Ẹ ṣí i, ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ wá: `DESIGN CAPACITY`, tó jẹ́ bó ṣe tóbi tó nígbà tí wọ́n ṣe é; `FULL CHARGE CAPACITY`, tó jẹ́ ohun tó lè gbà báyìí; àti `CYCLE COUNT`, tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti lò ó tán tí wọ́n sì tún gba iná sí i. mWh ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́. Ẹ yọ òdo mẹ́ta kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó di Wh.

A lọ sí Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì ní Ìkẹjà ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti àbúrò mi. HP la kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó mọ́, ó dán, kò ní ìfárá kankan. Ìwé bátìrì rẹ̀ ní wọ́n ṣe é fún 50,000, ṣùgbọ́n 27,000 ló ń gbà mọ́. Ẹ pín 27 sí 8: wákàtí mẹ́ta àti bí ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ohun búburú, bátìrì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, àmọ́ ó yẹ kí owó rẹ̀ wà nínú ìdúnàádúrà.

Ìtàn ti Dell yàtọ̀. Ìwé tirẹ̀ ní wọ́n ṣe é fún 60,000, ó sì ṣì ń gba 60,000 géérégé, `CYCLE COUNT` rẹ̀ sì jẹ́ 2. Bọ̀dá tó ń tà á rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò rí i? Tuntun nìyẹn." Mo ní kò burú. Mo yọ ṣájà, mo gbé ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ sí ìdajì, mo sì fi fídíò kan tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Bí bátìrì bá ń gba 60 lóòótọ́, tí fídíò sì ń jẹ 12, wákàtí márùn-ún ni yóò lò, ogún ìṣẹ́jú kò sì gbọdọ̀ yọ ju bí méje lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó ti bọ́ láti 100 sí 84. Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí méjì péré ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń fa irú èyí ni pé nọ́ńbà tí Windows ń kà, inú páálí kékeré kan nínú bátìrì ló ti ń jáde. Ẹni tó bá ra bátìrì àtúnṣe tí wọ́n kó àwọn sẹ́ẹ̀lì àlòkù tàbí aláìlágbára sí yóò rí páálí tó ń pariwo pé òun jẹ́ tuntun. Mi ò mọ̀ bóyá bọ̀dá yẹn mọ̀ tàbí kò mọ̀, mi ò sì bá a jà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ṣe méjèèjì, ìwé àti fídíò ogún ìṣẹ́jú. Tí ìwé bá dára jù, ẹ fura. Ẹni tó ń tà tí kò bá fẹ́ kí ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú ti dá yín lóhùn.

Ẹ tún gbé ẹ̀rọ náà sórí pẹpẹ títẹ́jú. Tó bá ń mì lọ mì bọ̀, tàbí tí ibi tí à ń fi ìka tọ́ ọfà bá ti yọ sókè, bátìrì inú rẹ̀ ti wú. Kí ẹ kúrò níbẹ̀ ni, torí bátìrì tó wú lè gbiná.

ThinkPad ni a rí kẹ́yìn, ìran kẹjọ sì ni. Ìwé tirẹ̀ gbé bátìrì méjì jáde. Ti inú: wọ́n ṣe é fún 24,000, ó ń gba 17,000. Ti ẹ̀yìn: wọ́n ṣe é fún 24,000, ó ń gba 11,000. Àpapọ̀ jẹ́ 28, wákàtí mẹ́ta àti àbọ̀, díẹ̀ ló fi ju HP yẹn lọ. Ṣùgbọ́n àṣírí rẹ̀ rèé. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ ó rí ìkọ́ méjì. Ẹ fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, bátìrì ẹ̀yìn yóò yọ sọ́wọ́ yín. Kò sí súkúrù, kò sí ẹnjiníà. Tí kọ̀ǹpútà náà bá wà ní títàn, ti inú yóò gbé e ró títí ẹ ó fi ki òmíràn bọ̀ ọ́. T480 ni Lenovo ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn nínú ìdílé T yẹn. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò ní bátìrì ẹ̀yìn mọ́.

Kí n tó lọ sí Ìkẹjà rárá ni mo ti kọ́kọ́ rìn yí agbègbè wa ká, torí ìbéèrè kejì kò ṣeé dáhùn ní Ìkẹjà. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe mẹ́ta: ọ̀kan nítòsí ibùdókọ̀ Ìgàndò, ọ̀kan ní Ìkọ̀tún, ọ̀kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mi ò bi wọ́n pé èwo ló dára jù, torí kálukú ló ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, bíi ti bọ́ọ̀lù. Ohun tí mo bi wọ́n ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní bátìrì 840 G5? Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ti 7490 ńkọ́? Ti T480?" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ti HP, tàbí wọ́n ní òkú HP kan nílẹ̀ tí wọ́n lè yọ ẹ̀yà lára rẹ̀. Méjì ní ti Dell. Ti ThinkPad, ẹni Ìkọ̀tún nìkan ló ní kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kan. Àwọn yòókù ní àwọn yóò rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí Ìkẹjà, yóò sì dé lọ́jọ́ kejì. Ohun tí èyí kọ́ mi ni pé ìtọ́jú ládùúgbò kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Iye òkú ẹ̀rọ irú rẹ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì àwọn ẹnjiníà ló kàn, EliteBook ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé ìwé ẹ̀rí ilé iṣẹ́ lórí tòkunbọ̀. Ó ti parí lókè òkun kí wọ́n tó dì í sínú àpótí. Ní ti Ìkẹjà fúnra rẹ̀, ó pẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ pé àwọn yóò kó ọjà Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì lọ sí Katangowa, ní apá Agbádó òun Òkè-Ọ̀dọ̀. Ọjọ́ tíyẹn bá ṣẹ, àwa ará Alímọ̀ṣọ́ ni yóò rọ̀ lọ́rùn jù. Ní báyìí, ọkọ̀ méjì sí mẹ́ta ni fún wa.

Ohun kejì tí mo bi àwọn ẹ̀gbọ́n yìí ni ohun tó ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹnu wọn kò kò lórí èyí tó burú jù, ṣùgbọ́n ìdí ṣájà wà nínú ọ̀rọ̀ gbogbo wọn. Ibi tí HP àti Dell ti na ThinkPad nìyẹn. Ihò ṣájà roboto ti 840 G5 àti ti 7490 wà lórí wáyà kékeré tirẹ̀, tí wọ́n kàn kì bọ bọ́ọ̀dù. Tó bá bàjẹ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i, ó parí. Ihò Táìpù-Sí ni T480 fi ń gba iná, orí bọ́ọ̀dù gan-an ni wọ́n sì jó o mọ́. Tó bá ṣí, iná àjó ni yóò tún un ṣe, kì í sì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n jó. Yàtọ̀ sí èyí, T480 ní àìsàn kan tí a bí mọ́ ọn: ìṣètò inú páálí Thunderbolt tó ń darí ọ̀kan nínú ihò náà ní àléébù tó lè pa á nígbà tó bá yá. Lenovo ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde lórí ìkànnì wọn láti ọdún 2019, ọ̀fẹ́ ni. Ó yẹ kí ẹni tó bá ra T480 wá àtúnṣe Thunderbolt náà ní ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ rí dátà. Dell náà ní wàhálà tirẹ̀ nídìí ṣájà: bí kò bá dá ṣájà mọ̀, bóyá torí pé ó jẹ́ ayédèrú tàbí torí pé okùn tín-ín-rín àárín rẹ̀ ti já, yóò tàn, ṣùgbọ́n yóò kọ̀ láti gba iná sínú bátìrì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra bátìrì tuntun nítorí ṣájà.

Nítorí náà, HP ló borí ní àdúgbò, ThinkPad ló borí ní bátìrì, Dell sì wà láàárín. Bó bá jẹ́ pé inú ọgbà ni àbúrò mi yóò máa gbé, níbi tí yóò ti máa rí iná ní alẹ́, HP ni mi ò bá rà láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Ìgàndò ló ti ń lọ tó ti ń bọ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, ìdí ṣájà lè bàjẹ́, ó sì lè má bàjẹ́. Bátìrì ní tirẹ̀, dandan ni kó kú, bóyá lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì. Mo yan ẹ̀rọ tí èèyàn lè pààrọ̀ ohun tó dájú pé yóò kú náà lórí ibùsùn rẹ̀.

Kí n tó sanwó, mo pa á, mo tún un tàn, mo sì tẹ F1 léraléra títí ó fi wọ ibi ìṣètò rẹ̀. Kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. F2 ni ti Dell, F10 ni ti HP. Tó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà kò mọ̀, a jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti tì í, kò sì sí ohun tó rọrùn tí ẹ lè fi ṣí i. Ó ta á fún wa ní 310,000 náírà. A ra bátìrì ẹ̀yìn oní-48 ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní 35,000, lẹ́yìn tí mo fi sí i tí ìwé sọ pé ó ń gba 46,000, tí fídíò ogún ìṣẹ́jú sì jẹ́rìí sí i. Ẹ ṣírò rẹ̀ bá mi: 17 àti 46 jẹ́ 63, ẹ pín in sí 8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́jọ. 5,000 tó kù di owó ọkọ̀ àti gàlà. Bátìrì ẹ̀yìn àtijọ́ tó ń gba 11 kò ṣòfò. Inú báàgì rẹ̀ ló wà, ó lè fún un ní wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá ṣú. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, àmì owó pọ́n-ùn wà lórí 3. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wá ibi tí `@` wà.

Oṣù keje nìyí. Mo tún ṣe ìwé bátìrì náà lọ́sẹ̀ tó kọjá: ti ẹ̀yìn ti bọ́ sí 43,500, ti inú sí 15,000. Ti inú ni a máa pààrọ̀ tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ìyẹn sì gba ṣíṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀: súkúrù mẹ́fà tí kì í bọ́ sílẹ̀, àti àwọn ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ tí à ń fi káàdì àtijọ́ yọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ṣájà, kí wọ́n tẹ F1, kí wọ́n wọ `Config`, lẹ́yìn náà `Power`, kí wọ́n sì yan `Disable Built-in Battery`, kí iná má baà wà lórí bọ́ọ̀dù nígbà tí irin bá kàn án. Ẹ̀gbọ́n Ìkọ̀tún mọ èyí láìjẹ́ pé mo sọ ọ́ fún un. Òun náà ló ní kíbọ́ọ̀dù kan nílẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó gbé e lọ.